Wíìlìshíà fún Mọ́mì ní éápọ́ọ̀tù: bẹ́ ẹ ṣe máa bèèrè ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì títí wọ́n á fi tì í dé ọ̀dọ̀ yín

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bójú mi ṣe là. Nígbà àkọ́kọ́ tí mama mi ń bọ̀ ní Houston, mo sọ fún éjẹ́ǹtì tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì pé ẹ jọ̀ọ́, mama fẹ́ wíìlìshíà o, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, éjẹ́ǹtì ní kò sí wàhálà, òun ti fi sí i. Kò sì parọ́, ó fi sí i. Àmọ́ nígbà tí bàálù balẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ òmíì ní Yúróòpù, kò lọ gúnlẹ̀ síbi tí èèyàn ti lè rìn látinú bàálù wọnú ilé, àárín pápá ló dúró sí, wọ́n gbé àtẹ̀gùn onírin wá sẹ́nu ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ń dúró nísàlẹ̀. Wíìlìshíà wà lóòótọ́, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà. Ìyá ẹni ọdún 76 wá ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó ń di irin mú, ẹsẹ̀ kan kẹ́sẹ̀ kan ó tún tẹ̀ lé e, nínú òtútù, àwọn èèyàn sì tò sẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo pè láti bínú, ẹni tó gbé fóònù kàn ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún mi ni: ohun tẹ́ ẹ bèèrè gan-an la fún yín.

Òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà mẹ́rin kan ló wà lórí búkìn yẹn, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ ló sì dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin yẹn

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ wíìlìshíà, kì í ṣe "wíìlìshíà" làwọn oníbàálù máa kọ. Kóòdù ni wọ́n máa ń kọ, kárí ayé ni wọ́n sì ti ń lò ó. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì.

WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, tó lè sọ̀ kalẹ̀, tó lè rìn dé ìjókòó ẹ̀ nínú bàálù, ọ̀nà jíjìn inú éápọ́ọ̀tù nìkan ni kò lè rìn. Èyí ni wọ́n kọ fún mama mi. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn rárá, àmọ́ tó bá ti wọnú bàálù, á lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn dé ìjókòó. Tí bàálù bá gúnlẹ̀ sáàárín pápá, ẹni tó ní WCHS ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ wá fún, ọkọ̀ kan tí àpótí ńlá wà lẹ́yìn ẹ̀ tó máa ń gbéra sókè títí á fi bá ilẹ̀kùn bàálù dọ́gba, wọ́n á ti wíìlìshíà wọlé tààrà. WCHC sì ni ti ẹni tí kò lè rìn rárá, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi àga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè gba àárín ìjókòó kọjá gbé dé àyè ẹ̀.

Ìdánwò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fún Mọ́mì tàbí Dádì nìyí, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé "ṣé ẹ lè rìn?", torí kò sí àgbàlagbà Yorùbá tó máa sọ fún yín pé òun ò lè rìn. Ẹ ní kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé kan pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, bí igbésẹ̀ 15 sí 20, kẹ́ ẹ sì máa wò wọ́n. Tí wọ́n bá ní láti dúró sinmi lágbedeméjì, tàbí tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ méjèèjì fa ara wọn lórí irin, WCHS ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi WCHR sí i torí pé òun ló rọrùn láti tẹ̀. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n tọ́jú wọn dáadáa lọ bèèrè WCHC fún ẹni tó ń rìn. Oníbàálù lè ní kẹ́ ẹ mú ẹni tó máa tẹ̀ lé wọn wá, torí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò lè dìde fúnra ẹ̀ nílò ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́ láti jáde. Ẹ á kàn fọwọ́ ara yín fa wàhálà ni.

Ó tún kù kan, MAAS. Ìyẹn wà fún òbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ le koko àmọ́ tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, tó lè sọnù sínú éápọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bèèrè wíìlìshíà fún irú òbí bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi oníbàálù bóyá wọ́n ń ṣe MAAS, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ wíìlìshíà ti bẹ̀rẹ̀ látibi tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ yàn. Tíkẹ́ẹ̀tì tó fún wọn ní wákàtí kan àti díẹ̀ láti yí bàálù á dín owó kù díẹ̀, àmọ́ ẹni tó wà lórí wíìlìshíà ló máa ń jáde gbẹ̀yìn. Gbogbo èrò á kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á wá dúró de ẹni tó máa tì wọ́n, wọ́n á tún kọjá níbi àyẹ̀wò míì. Èmi ò ní gba ohun tó dín sí wákàtí mẹ́ta mọ́ fún mama mi. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì jẹ́ méjì tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ sá fún un, torí oníbàálù àkọ́kọ́ kò mọ̀ nípa ìkejì rárá, kò sẹ́ni tó máa ti mama láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Ìjókòó náà ńkọ́? Ẹ gba èyí tó wà létí ọ̀nà àárín, tí kò jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìlà tí ilẹ̀kùn pàjáwìrì wà, tí ẹsẹ̀ ti máa ń ráyè nà yẹn, wọn ò ní jẹ́ kí ẹni tó bèèrè wíìlìshíà jókòó síbẹ̀, ẹ má fowó ṣòfò rà á.

Bíbèèrè ẹ̀, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó wọlé

Ẹ lè bèèrè ẹ̀ lórí wẹ́bùsaìtì oníbàálù, níbi tí wọ́n kọ "Manage booking" sí, ẹ wá "Special assistance", tàbí kẹ́ ẹ pè wọ́n. Èmi máa ń pè ni, torí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Kò sówó kankan lórí ẹ̀ o. Òfin Yúróòpù tó ní nọ́ńbà 1107/2006 sọ pé ọ̀fẹ́ ni, òfin Amẹ́ríkà náà ò gbà kí oníbàálù gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, torí náà éjẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ san owó wíìlìshíà ń jẹun lórí yín ni.

Ẹ bèèrè ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ tán, kó ku wákàtí 48 kí bàálù tó gbéra. Wákàtí 48 yẹn ni òfin Yúróòpù sọ. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, wọn ò ní lé yín padà, wọ́n á gbìyànjú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa dúró.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà nìyí: ẹsẹ̀ ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tiẹ̀. Tí mama bá ń lọ láti Èkó sí Yúróòpù, tí wọ́n tún wá ń lọ láti ibẹ̀ sí Houston, ẹ̀ẹ̀mejì ni WCHS gbọ́dọ̀ hàn, kó tún hàn lẹ́ẹ̀mejì míì fún ìpadàbọ̀. Ní pàtàkì tó bá jẹ́ pé oníbàálù kan ló ta tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wà lókè òkun ló máa fò ẹsẹ̀ kejì, ìsọfúnni yẹn máa ń já sọ́nà. Ẹ ní kí éjẹ́ǹtì tẹ ìwé búkìn náà jáde tàbí kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ wá irú ìlà yìí:

```
SSR WCHS YY HK1
```

Lẹ́tà méjì ti oníbàálù yín ló máa wà níbi tí mo kọ YY sí. HK ni kẹ́ ẹ máa wá, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà, 1 sì ni iye èèyàn. Tẹ́ ẹ bá rí NN tàbí HN, wọn ò tíì dáhùn. Tó bá jẹ́ UC, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é, ẹ yáa gbé fóònù. Nínú ìrìnàjò kejì mama mi, HK wà lórí ẹsẹ̀ kìíní, kò sí nǹkan kan rárá lórí ẹsẹ̀ kejì, éjẹ́ǹtì sì ń búra fún mi pé gbogbo ẹ̀ ti wà. Mo pe oníbàálù kejì fúnra mi, mo fún wọn ní nọ́ńbà búkìn tiwọn (ó máa ń yàtọ̀ sí ti oníbàálù àkọ́kọ́, ẹ bèèrè ẹ̀), ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi fi sí i.

Tí wọ́n bá wá yí àkókò bàálù padà, tí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ pé bàálù ti kúrò ní aago 10 ó ti di aago 12, ẹ tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kóòdù máa ń jábọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé èèyàn látorí bàálù kan sórí òmíì. Ẹ tún pè nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fún yín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tí mama bá ní wíìlìshíà tiwọn tí wọ́n fẹ́ gbé dání, ẹ sọ ọ́ nígbà yìí náà. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tì kì í ní wàhálà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n lè lò ó dé ẹnu bàálù. Oníbátìrì ni wọ́n máa ń bèèrè irú bátìrì ẹ̀, bó ṣe tóbi tó, bóyá ó ṣeé yọ, kẹ́ ẹ ní ìwé ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá mama sọ nílé

Tẹ́ ẹ bá pè é ní "kẹ̀kẹ́ arọ" níwájú wọn, ẹ ti bà á jẹ́. Mama mi ní "Ta ló yarọ? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rí mi lórí kẹ̀kẹ́ arọ ni?" Àga ni mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, mo ní mama, wọ́n á fi àga gbé yín kọjá láàárín èrò bí ẹní gbé ọba, ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n gbà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nìkan o. Tí òbí bá ń tijú, tó dìde nílẹ̀ pé òun á rìn, ẹni tó ń tì í á gbà pé kò nílò rẹ̀ mọ́, á yí wíìlìshíà padà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ibi tí àgbàlagbà ti ń sọnù nìyẹn.

Ẹ kọ bébà kan, ẹ fi sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ okùn tí wọ́n á fi kọ́rùn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni o: orúkọ wọn bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, nọ́ńbà búkìn méjèèjì, nọ́ńbà bàálù àti aago ẹ̀, pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, oògùn tí wọ́n ń lò, pé wọn ò lè gun àtẹ̀gùn, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì, ẹnì kan ní Nàìjíríà, ẹnì kan níbi tí wọ́n ń lọ.

Ní Èkó

Ẹ tètè dé, wákàtí mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ lọ sí káńtà oníbàálù, ẹ sọ pé wíìlìshíà ti wà lórí búkìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi kóòdù ẹ̀ hàn yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ sì tún wo bọ́ọ̀dìnpáàsì, torí lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀. Bọ́ọ̀dìnpáàsì ti ẹsẹ̀ méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbà níbẹ̀.

Ẹ ò lè kọjá ímígíréṣọ̀n pẹ̀lú wọn, ọwọ́ ẹni tó ń ti wíìlìshíà lẹ máa fi wọ́n sí. Ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ wà níta títí bàálù á fi gbéra. Ìwé ìrìnnà àti bọ́ọ̀dìnpáàsì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mama, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti owó, ó lè ní "mama, ẹ ṣe wá lóore". Tó bá wù yín kẹ́ ẹ fún un, ó ń ṣe iṣẹ́ gidi, àmọ́ kò sí ẹni tó lè dá mama dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé kò tíì rí owó. Èmi máa ń fún un fúnra mi níta, ní gbangba, mo sì máa ń sọ fún mama pé mo ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà tún na ọwọ́ sí wọn nínú.

Ó wá kan síkiọ́rítì. Wíìlìshíà kì í gba inú ẹ̀rọ onílẹ̀kùn yẹn kọjá. Ẹni tó bá lè dúró, tó lè rin ìṣísẹ̀ díẹ̀, á kọjá fúnra ẹ̀, ẹni tí kò lè dúró, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lórí àga, wọ́n á fọwọ́ kàn án lára, obìnrin fún obìnrin, wọ́n á tún fi aṣọ kékeré kan nu ara wíìlìshíà àti ọwọ́ wọn láti wò ó bóyá ohun tó lè bú gbàmù wà níbẹ̀. Ẹ sọ èyí fún mama tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má rò pé wọ́n ń fi àwọn ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ sì ṣiṣẹ́ lórí ìmúra wọn nílé: owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ etí ìró, pín-ìn-nì tó wà nínú yẹ̀rì, ìlẹ̀kẹ̀ onírin, gèlè tó ga. Aṣọ tó rọrùn àti bàtà tí kò ní okùn ló dáa. Tí wọ́n bá fi irin sí orúnkún tàbí ìbàdí nílé ìwòsàn, kí wọ́n sọ kí ẹ̀rọ tó ké.

Oògùn ní láti wà nínú báàgì ọwọ́, nínú páálí ẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Oògùn olómi tó ju 100 ml lọ, kí wọ́n mú un jáde kí wọ́n sì sọ pé oògùn ni. Àgbo inú ike omi ńkọ́? Kò sí dókítà tó kọ ìyẹn síwèé, wọ́n á dà á nù. Mo sọ ọ́, mama mi ò gbọ́, wọ́n dà á nù.

Nínú bàálù, àti ibi tí wọ́n ti máa yí ọkọ̀

Ní géètì, àwọn ló máa kọ́kọ́ wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù lè mú wọn lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àmọ́ wọn ò ní wọlé ràn wọ́n lọ́wọ́, wọn ò sì ní fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn. Òbí tó bá nílò ìyẹn ò gbọ́dọ̀ dá nìkan rin ìrìnàjò.

Tó bá ku bíi wákàtí kan kí bàálù balẹ̀, kí mama fi bébà ọrùn wọn han òṣìṣẹ́ kan pé wíìlìshíà ni àwọn ń retí. Tí ó bá balẹ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Èyí le fún àwọn òbí wa, torí gbogbo èrò ti dìde, wọ́n rò pé wọ́n fẹ́ gbàgbé àwọn sínú bàálù. Ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá bọ́ọ́lẹ̀ kí wíìlìshíà tó dé, wọ́n ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn.

Ní Yúróòpù, éápọ́ọ̀tù ló ni iṣẹ́ títì yẹn lábẹ́ òfin, oníbàálù kọ́. Torí náà wọn kì í sábà tì wọ́n tààrà lọ sí géètì. Wọ́n á kó gbogbo àwọn tó wà lórí wíìlìshíà jọ sí yàrá ìdúró kan, wọ́n á wá mú wọn nígbà tí àkókò bàálù wọn bá ń sún mọ́. Kó má jọ wọ́n lójú. Ohun tí mo kọ́ mama mi ni pé tí aago tí mo kọ sí orí bébà bá ti ku wákàtí kan ààbọ̀, kí wọ́n lọ fi bọ́ọ̀dìnpáàsì han ẹni tó wà nídìí tábìlì, kí wọ́n sì fọwọ́ tọ́ka sí aago náà. Wọn ò nílò èdè Gẹ̀ẹ́sì kankan. Wọ́n ṣe é, ó ṣiṣẹ́, àṣé ẹni tó wà níbẹ̀ ti ṣèèṣì fi wọ́n sínú àwọn tó ń lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní Amẹ́ríkà

Níbí, ọwọ́ oníbàálù ni iṣẹ́ náà wà. Òfin wọn, Part 382, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹni tí kò lè dá rìn sílẹ̀ lórí wíìlìshíà láìsí ẹni tó ń bójú tó o ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Tí wọ́n bá gbàgbé òbí yín síbì kan, ẹ pe oníbàálù kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ bá CRO sọ̀rọ̀, lẹ́tà mẹ́ta yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pè, ẹni tí òfin ní kí oníbàálù kọ̀ọ̀kan yàn fún irú ẹjọ́ báyìí ni, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé yín lọ́wọ́.

Éápọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá balẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa rí ímígíréṣọ̀n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa gba ẹrù wọn, kódà tí ìrìnàjò ò bá tíì parí. Ẹni tó ń tì wọ́n á bá wọn gbé ẹrù látorí bẹ́líìtì, kí ẹ so aṣọ aláràbarà mọ́ àpótí kí mama lè tọ́ka sí i. Tí ẹsẹ̀ míì bá tún kù láti ibẹ̀, síkiọ́rítì míì wà níwájú, ẹ lè pe TSA Cares, (855) 787-2227, ní wákàtí 72 ṣáájú, wọ́n á wá ẹni tó máa bá wọn kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó ń ti wíìlìshíà ò lè bá wọn dá ímígíréṣọ̀n lóhùn. Kí mama mọ ilé ẹni tí wọ́n ń lọ, iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò, kí wọ́n sì sọ "Yoruba" ketekete tí wọn ò bá gbọ́ ìbéèrè, kí àwọn ímígíréṣọ̀n lè wá ògbufọ̀ lórí fóònù. Ẹ fún wọn ní dọ́là márùn-ún-márùn-ún mélòó kan sínú báàgì ọwọ́, torí ní Amẹ́ríkà àṣà ni láti fún ẹni tó tì yín ní nǹkan, kò kàn án nípá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá pàdé wọn, ẹ dúró síbi tí èrò òkèèrè ti ń jáde, ẹ má dúró nínú mọ́tò. Ẹni tó ń tì wọ́n fẹ́ fi wọ́n lé ẹnì kan lọ́wọ́ kó tó yí padà. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí fóònù yín, ẹ wo búkìn ìpadàbọ̀, ẹ wò ó bóyá WCHS ṣì wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ti mama mi, ọ̀kan ti jábọ́.